Ǹjẹ́ ìjọba tiwa-n-tiwa nílò ẹgbẹ́ aráàlú tó lágbára?

Ó nílò wọn, ṣùgbọ́n agbára nìkan kò tó. Ẹgbẹ́ aráàlú ni àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba tàbí ti òṣèlú: ti òṣìṣẹ́, ti akẹ́kọ̀ọ́, ti ajàfẹ́tọ̀ọ́.

Nàìjíríà ni ẹ̀rí mi àkọ́kọ́. Nígbà tí Babangida fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ló kó èrò jáde sí ìgboro Èkó. Ní 1994, àwọn òṣìṣẹ́ epo da iṣẹ́ sílẹ̀. Epo wọ́n, ọkọ̀ tò lọ rẹrẹẹrẹ nílé epo. Wọ́n ti Frank Kokori, akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn, mọ́lé títí di 1998. Lóòótọ́, ikú Abacha ló ṣílẹ̀kùn ìjọba alágbádá 1999, àmọ́ àwọn wọ̀nyí ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú.

Àwọn kan á ní Jámánì tako èyí: ẹgbẹ́ pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì, síbẹ̀ Hitler gorí àlééfà ní 1933. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ibẹ̀ ló ya ara wọn sọ́tọ̀ nípa ẹ̀sìn àti ipò, àwọn Násì, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, sì ráyè wọ inú wọn. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni tiwa-n-tiwa nílò.