Ìwé sí Gbogbo Òṣìṣẹ́ lórí Àtúntò Ilé-iṣẹ́ Ìtẹ̀wé Wa

Láti ọ́fíìsì Olùdarí Àgbà, Ṣómólú, Èkó
Sí gbogbo òṣìṣẹ́ wa ní Ṣómólú, Ìdúmọ̀tà àti Èbúté-Mẹ́ta
Ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, a ó tún ilé-iṣẹ́ wa tò. Àwọn tó ń ya iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ní Ìdúmọ̀tà àti àwọn tó ń ṣe ìṣirò owó ní Èbúté-Mẹ́ta yóò kó wá sí Ṣómólú, ẹ̀ka méje tí a ní yóò di mẹ́ta, iṣẹ́ òru yóò dáwọ́ dúró, ipò iṣẹ́ márùn-ún kò sì ní sí mọ́. Owó oṣù tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ ẹnikẹ́ni kò ní dín kù. Èmi fúnra mi ti bá àwọn márùn-ún tí ọ̀rọ̀ ipò kàn sọ̀rọ̀ lánàá lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó kọ ìwé yìí, nítorí náà, bí a kò bá pè yín lánàá, iṣẹ́ yín wà níbẹ̀.

Mo gbọ́ pé láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni wọ́n ti ń sọ ọ́ nídìí ìrẹsì níwájú géètì pé a ti ta ilé-iṣẹ́ fún àwọn ará Ṣáínà. A kò tà á, a kò sì bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà rẹ̀. Ẹ̀bi kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa rìn wà lọ́rùn tèmi, nítorí pé a ti ń jókòó lórí àtúntò yìí láti oṣù Kẹfà láìsọ fún yín.

Ohun méjì ló fa àtúntò náà. Èkíní ni owó. Ìwé, yíǹkì àti pléètì tí a ń lò, òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, dọ́là ni àwọn tó ń kó wọn wọlé sì fi ń rà wọ́n, gbogbo wa la sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iye wọn láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa sọ iye tí náírà jẹ́. A kò lè gbé gbogbo àfikún náà lé oníbàárà lórí, torí pé ní Ṣómólú níbí, ẹni tí a bá sọ iye fún tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ojúlé kejì ni yóò yà sí.

Èkejì ni bí iṣẹ́ ṣe ń rìn láàárín wa, èyí sì dùn mí ju ti owó lọ. Bí oníbàárà bá gbé ìwé ìpè ìgbéyàwó wá sí Ìdúmọ̀tà lónìí, wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa tó wà lórí káńtà. Awakọ̀ wa yóò gbé ẹ̀dà rẹ̀ gba orí Tádì Méńlàndì wá sí Ṣómólú, níbi tí a ó ti tún un kọ sínú ìwé mìíràn, lẹ́yìn náà ni yóò tó dé Èbúté-Mẹ́ta kí wọ́n tó lè kọ rìsíìtì rẹ̀. Iṣẹ́ kan, ìwé mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tí gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kò ní gbàgbé iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú tí a ṣe lóṣù Karùn-ún. Ọmọ olóògbé ti wá sí Ìdúmọ̀tà ní ọjọ́ Ọjọ́rú, ó ti fi bírò pupa tún orúkọ ìyá rẹ̀ kọ, àtúnṣe náà sì wà nínú ìwé ẹlẹ́yìn pupa títí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì fi mọ́, nígbà tí ẹgbẹ̀rún méjì ẹ̀dà ti jáde lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe ti olóògbé. A tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí òṣìṣẹ́ kan tó ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà tí a là fún iṣẹ́ ló gùn jù.

Nítorí náà, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ẹ̀ka kan ni yóò máa gba iṣẹ́, tí yóò yà á, tí yóò sì máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀ títí yóò fi gbé e lọ. Ẹ̀ka kejì ni yóò máa tẹ̀ ẹ́, tí yóò gé e, tí yóò sì dì í, ìwé àti yíǹkì inú ilé ìkẹ́rùpamọ́ yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ka kẹta ni ti owó àti ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Olórí ẹ̀ka mẹ́ta ni yóò máa jíhìn fún mi dípò méje, àwọn mẹ́rin tí kò ní jẹ́ olórí ẹ̀ka mọ́ yóò sì di igbákejì olórí pẹ̀lú owó oṣù tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀.

Káńtà Ìdúmọ̀tà kò ní kúrò níbẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà wa tó ń ṣòwò ní Erékùṣù kò ní sọdá omi nítorí káàdì ìpè. Ènìyàn mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án ni yóò dúró níbẹ̀: àwọn méjì tó ń gba iṣẹ́ àti awakọ̀ wa. Àwọn mẹ́fà yòókù ń bọ̀ ní Ṣómólú. Mo mọ̀ pé ìrìn yìí kò rí bákan náà fún gbogbo wọn. Ẹni tó ń ti Agége bọ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin Agbádó sí Òyìngbò, kó sọ̀ ní Yábàá, kó sì wọ ọkọ̀ kan sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Máìlì Tú dé Màrínà láìrí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, òun ni a ń mú ìrọ̀rùn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. A ó fi ₦30,000 kún owó oṣù àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún oṣù mẹ́fà, láti oṣù Kẹwàá títí dé oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀, kí kálukú lè rí àyè tún ètò rẹ̀ ṣe. Àwọn ará Èbúté-Mẹ́ta kò sí nínú èyí, nítorí ibẹ̀ kò jìnnà sí Ṣómólú. Mo mọ̀ pé inú wọn kò ní dùn sí i, ṣùgbọ́n ibi tí agbára wa mọ nìyẹn. Ilé Èbúté-Mẹ́ta náà yóò padà sọ́wọ́ onílé nígbà tí owó ilé tí a san bá parí ní ìparí oṣù Kejìlá.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òru gba kí n dúró díẹ̀ lé e lórí, torí pé òun ni yóò kan àpò ènìyàn mọ́kànlá. Nínú oṣù Keje, òru mẹ́sàn-án ni a tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Owó dísẹ́ẹ̀lì òru wọ̀nyẹn ju èrè iṣẹ́ tí a fi wọ́n ṣe lọ. Ìpín iṣẹ́ méjì ni yóò wà báyìí, ti òwúrọ̀ láti aago méje sí aago mẹ́ta, àti ti ọ̀sán láti aago méjìlá sí aago mẹ́jọ alẹ́. Wákàtí mẹ́ta tí àwọn méjèèjì yóò fi pàdé ni a ó máa fi fọ ẹ̀rọ, tí ẹni tó ń lọ yóò sì fi ṣàlàyé iṣẹ́ fún ẹni tó ń wọlé. Àwọn mọ́kànlá tó ń gba ₦18,000 owó òru lóṣooṣù yóò máa gbà á ní pípé títí dé oṣù Kejìlá, wọn yóò gba ìdajì rẹ̀ láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, lẹ́yìn náà ni yóò dúró. Mi ò ní pe èyí ní ohun tí kì í ṣe: ohun tí ń wọlé fún wọn yóò dín ní oṣù Kẹrin. Iṣẹ́ àfikún àkókò tí ọjà kàlẹ́ńdà àti dáyárì ìparí ọdún máa ń mú wá, àwọn ni a ó kọ́kọ́ fi lọ̀.

Nínú ipò márùn-ún tó ń lọ, méjì wà ní yàrá òkùnkùn, níbi tí a ti máa ń fi fíìmù ṣe pléètì kí a tó ra ẹ̀rọ tó ń gbé iṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà bọ́ sórí pléètì tààrà. Méjì wà nínú ìṣirò owó, ọ̀kan jẹ́ ti alábòójútó ilé ìkẹ́rùpamọ́ Èbúté-Mẹ́ta. Ènìyàn mẹ́ta nínú wọn ti gba ipò mìíràn lọ́dọ̀ wa. Àwọn méjì ń fi wá sílẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹwàá. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala 20, sọ pé kí agbanisíṣẹ́ tó fẹ́ dín ènìyàn kù sọ ìdí rẹ̀ àti bí yóò ti pọ̀ tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó sì jẹ́ pé ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ, bí ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìṣeéfọkàntán bá dọ́gba. A ti jókòó pẹ̀lú aṣojú yín lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a fẹnu kò sí ni owó oṣù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn fi sìn, pẹ̀lú owó ọjọ́ ìsinmi tí kò tíì lò. Owó ìfẹ̀yìntì wọn wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní orúkọ wọn. Bí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún kò rí iṣẹ́ mìíràn, òfin gbà á láàyè láti bèèrè ìdá kan nínú ìdá mẹ́rin rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tó kù, agbanisíṣẹ́ kan náà ni a jẹ́, nítorí náà ọdún tí ẹ ti lò kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ tuntun buwọ́ lù. Ọjọ́ 25 ni owó oṣù yóò ṣì máa wọlé. Ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún tiyín àti ìdá 10 tiwa yóò máa lọ sínú àpò ìfẹ̀yìntì bí òfin ọdún 2014 ti là á sílẹ̀, nọ́ńbà àpò yín kò sì yí padà. Káàdì ìtọ́jú ìlera, ọjọ́ ìsinmi ọdọọdún, gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí a ń yọ lóṣooṣù, àkókò ìrun Jímọ̀ láti aago méjìlá ààbọ̀ sí aago méjì ààbọ̀, àti àpò ìrẹsì ọdún, bí wọ́n ṣe wà ni wọ́n wà. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yóò gba òmìnira wọn ní ọjọ́ tí a bá òbí wọn fẹnu kò sí, ọ̀gá tó ń kọ́ wọn ni yóò sì máa kọ́ wọn nìṣó, bí ó tilẹ̀ bọ́ sí ẹ̀ka mìíràn.

Ìpàdé gbogbogbòò yóò wà ní gbọ̀ngàn ẹ̀rọ ńlá ní Ṣómólú ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11 oṣù yìí, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. A ó pa gbogbo ẹ̀rọ kí a lè gbọ́ ara wa, bọ́ọ̀sì yóò sì gbé àwọn ará Ìdúmọ̀tà láago méjì ààbọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé sọ láàárín èrò, kó wá sí ọ́fíìsì mi láàárín aago mẹ́jọ sí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, lọ́jọ́ iṣẹ́ èyíkéyìí títí di ọjọ́ 30. Ìwé tó sọ ẹ̀ka, ìpín iṣẹ́ àti ọ̀gá tuntun kálukú yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́ níbi ìpàdé náà. Bí àṣìṣe bá wà nínú tiyín, ẹ fi bírò pupa tún un kọ, kí ẹ sì fi lé èmi fúnra mi lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín,
Olùdarí Àgbà