Bọ̀dá Rájí, ẹ yí fótò yẹn dorí kodò kí ẹ tó gbéra

Bọ̀dá mi, ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Fótò pláànù ilé ìwòsàn tí ẹ yà lára ògiri ti wọlé. Iná fóònù yín ta sí gíláàsì tó bo àwòrán náà, ó sì ti fọ́ igun kan lójú, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń wo ojú, tí ẹ ń mú Màmá lọ, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Màmá jókòó ná, kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín, torí a ò lè máa pariwo gbogbo èyí lórí fóònù láàárín èrò yẹn.

Ẹ ní ẹ ti wò ó títí, pé ohun tí àwòrán gbé sí ọ̀tún, òsì ni ẹ ń rí i. Òótọ́ ni. Ẹni tó ya pláànù náà fi àríwá sókè, bí àwa náà ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́. Ẹ wo ọfà kékeré tó ní lẹ́tà N lórí, ní igun òkè lápá ọ̀tún. Ẹni tó wá kàn án mọ́ ògiri ni kò ro ti ẹni tó máa dúró wò ó. Ẹnu ọ̀nà ńlá ilé ìwòsàn yẹn wà ní ìhà àríwá. Bí ẹ ṣe gbabẹ̀ wọlé, tí ẹ kọjú sí ògiri tí àwòrán wà, gúúsù lẹ kọjú sí. Òkè àwòrán wá di ẹ̀yìn yín, ọ̀tún rẹ̀ sì di ọwọ́ òsì yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ṣìnà nínú ilé ńlá l'Ábújá, ohun tó ń ṣe wọ́n nìyí, wọ́n á wá máa rò pé àwọn ò mọ àwòrán kà.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pa ohun tó máa ń mú kí fótò dìde fúnra rẹ̀ nínú fóònù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa yí i, òun náà á máa yí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ yí fóònù títí ọfà N yóò fi dojú kọ ikùn yín. Àwọn lẹ́tà á dorí kodò. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmì róbótó pupa yẹn ni ibi tí ẹ dúró sí. Àlàfo ńlá tó wà nínú ìlà dúdú nítòsí rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé, ó sì yẹ kó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín báyìí. Ẹ fi oòrùn yẹ̀ mí wò: aago mẹ́wàá ò tíì lù, ọwọ́ òsì yín ló yẹ kí oòrùn ti máa wọlé. Tó bá jẹ́ pé ọ̀tún ló ti ń wọlé, ẹ má tíì lọ, ẹ pè mí.

Ó kù sí àwọn àmì. Ìlà dúdú tó nípọn ni ògiri. Àwọn igun mẹ́rin dúdú kéékèèké tó tò lọ ni òpó, wọn kì í ṣe yàrá. Ibi tí ìlà ògiri ti di tẹ́ẹ́rẹ́ méjì-mẹ́ta, fèrèsé ni. Ibi tí ẹ bá ti rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ìlà títẹ̀ nídìí, bí ìdámẹ́rin òrùka, ilẹ̀kùn ni. Apá tí ìlà títẹ̀ yẹn wà ni ilẹ̀kùn ń ṣí sí. Ó máa wúlò fún yín pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ aláìsàn tí ẹ máa fi ti Màmá, torí ilẹ̀kùn tó bá ṣí sọ́dọ̀ yín, ẹ ní láti fa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ tó ṣí i.

Ẹ bi mí bóyá kí ẹ kàn máa tẹ̀lé àwọn ọfà aláwọ̀ ewé. Rárá o! Àwòrán kékeré tí wọ́n fi ìlà pupa yí ká nísàlẹ̀ làwọn ọfà yẹn wà, tiná ni. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, ibẹ̀ ni kí gbogbo èèyàn gbà jáde. Tí ẹ bá tẹ̀lé wọn báyìí, àyè ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n máa gbé yín padà sí. Àwọn àmì pupa inú rẹ̀ jẹ́ ibi tí ohun ìpaná àti rọ́bà omi wà. Àwọ̀ ewé fún ọ̀nà àbò, pupa fún ohun ìpaná: bí ISO 7010, ìlànà àgbáyé fún àwọn àmì ààbò, ṣe là á kalẹ̀ nìyẹn, ibikíbi tí ẹ bá sì ti rí i, bákan náà ni. Ṣùgbọ́n àwọ̀ inú àwòrán ńlá yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó yà á ló yan ìyẹn, kò sí òfin tó dè é, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti ṣe àpótí àlàyé tó wà lápá ìsàlẹ̀ yẹn. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú kí n tó lè kà á. Búlúù ni ibi tí dókítà ti ń rí aláìsàn, ọ̀dà ìyeyè ni ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti àwòrán egungun, pupa ráúráú ni ibi ìgbàtọ́jú àwọn tó sùn sí ọsibítù. Ibi tí wọ́n fi ìlà eérú dábùú, òṣìṣẹ́ nìkan ló ń gbabẹ̀.

Ẹ má fojú kéré ìlà eérú yẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà yí àgbàlá àárín ká, ẹni tó bá wò ó lóréfèé á rò pé bóun bá yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, òun á débi kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá ìwọ̀-oòrùn, ìyẹn ọwọ́ ọ̀tún yín níbi tí ẹ dúró sí, ó lọ dáadáa títí dé igun, ìlà eérú sì dí i níbẹ̀. Ẹ ó rin gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì dá yín padà.

Ọwọ́ òsì ni kí ẹ yà sí. Àtẹ̀gùn kan wà nítòsí yín níbẹ̀, àwọn ìlà gbọọrọ tó tò tẹ̀léra, tí ọfà kan la àárín wọn kọjá, tí wọ́n kọ UP sí. Ọfà yẹn ń sọ ibi tí èèyàn ń gùn sí ni. Ẹni tó bá dá wà á gbabẹ̀ torí ó yá. Orúnkún Màmá ò lè gbà á, ẹ kọjá rẹ̀. Ẹ máa lọ tààrà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìlà-oòrùn, kí fèrèsé àgbàlá wà lọ́tùn-ún yín. Yàrá G06 ni ti káàdì, G08 ni ibi tí wọ́n ti ń sanwó, òsì yín ni méjèèjì wà. G yẹn ni ìsàlẹ̀ ilé. Nọ́ńbà tó bá fi 1 bẹ̀rẹ̀, òkè àkọ́kọ́ ni. Ẹ sanwó kí ẹ tó gòkè o, wọn ò ní dá yín lóhùn lókè láìsí rìsíìtì. G10 ni ilé ìyàgbẹ́, òun nìkan ṣoṣo ló ní àmì kẹ̀kẹ́ nínú gbogbo èyí tí mo rí lórí àwòrán yẹn, ẹ mú Màmá débẹ̀ ná bó bá fẹ́.

Níbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti yí sọ́tùn-ún, ẹ ó rí ìlà kúkúrú mẹ́ta, àkàsọ̀ nìyẹn, ilẹ̀ ibẹ̀ ga díẹ̀. Àpótí gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ní ọfà kan àti 1:12 nínú, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ni. Bí ó bá ga ní mítà kan, á gùn ní mítà 12. Ẹnì kan péré lè tì í, ẹ má wá ẹni tí yóò gbé Màmá.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ nìyí: lífítì. Àpótí kékeré tí ìlà méjì dábùú nínú rẹ̀ bí X ni. Tí ẹ bá wo àwòrán òkè àkọ́kọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìsàlẹ̀, ẹ ó rí X mìíràn tó tóbi ju èyí lọ fíìfíì, ní àárín gbùngbùn ilé. Ẹ wò ó dáadáa, ìlà tirẹ̀ já gígé-gígé. Òfìfo nìyẹn: àgbàlá ìsàlẹ̀ ni, kò sí ilẹ̀ lókè rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ń ka pláànù máa ń pè é ní lífítì ńlá. Èyí tí ẹ ń wá wà ní àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ gúúsù, ní òsì yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti yà sọ́tùn-ún. Ibi kan náà ló wà nínú àwòrán méjèèjì, torí lífítì kì í yà nígbà tó bá ń gòkè. Ìyẹn ni mo fi mọ bí òkè ṣe gun orí ìsàlẹ̀.

Bí ẹ bá jáde nínú rẹ̀ lókè, àgbàlá lẹ kọjú sí, ìyẹn ni pé ẹ ti kọjú sí àríwá báyìí. Ẹ yí fóònù padà, kí lẹ́tà dúró bó ṣe yẹ. Ọ̀tún àwòrán ti di ọ̀tún yín nìyẹn. Ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ lọ dé ìparí, àpótí búlúù tó wà ní igun, 112, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ojú.

Ẹ bèèrè bó ṣe jìn tó. Wọ́n kọ 1:200 sábẹ́ àwòrán, tó túmọ̀ sí pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí bébà jẹ́ mítà méjì nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ti bàjẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe yà á ní fótò. Ọ̀pá dúdú-funfun tó ní 0, 10, 20 nìkan ló ṣì ṣeé gbára lé, torí bí fótò ṣe kéré lòun náà ṣe kéré. Mo fi wọ̀n ọ́n: láti ibi àmì pupa dé lífítì, ó tó ìgbà mẹ́rin ààbọ̀, bíi 90 mítà. Ẹ yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ má jẹ́ kí Màmá sọ pé òun á rìn.

Ní ti àdúrà ọ̀sán, G21 ni, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìwọ̀-oòrùn nísàlẹ̀, kó tó dé ibi eérú. Ẹ rí i pé àwọn ìlà inú rẹ̀ dagun, nígbà tí gbogbo ilé tọ́? Ẹní ìkírun ni. Láti Ábújá, Kìbúlà wà láàárín àríwá àti ìlà-oòrùn, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n kọjú sí lórí àwòrán. Ohun tó jẹ́ kí n gba ọfà N yẹn gbọ́ nìyẹn kí n tó ní kí ẹ yí fótò.

Ọdún 2017 ló wà nínú àpótí igun lápá òsì. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Wọn kì í sáábà wó ògiri, ṣùgbọ́n orúkọ yàrá máa ń ṣí kiri, nítorí náà nọ́ńbà tó wà lórí ilẹ̀kùn ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ bá bi ẹ̀ṣọ́, tó sì fi Haúsá dá yín lóhùn, dama lọ̀tún, hagu lòsì, àmọ́ ẹ wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ nà sí.

Ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà kó dúró nítòsí àmì àwọ̀ ewé tó ní àwọn èèyàn láàárín ọfà mẹ́rin, ó wà níta ní àyè ìgbọ́kọ̀sí; kó má dí ibẹ̀ o, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó èèyàn jọ bí iná bá ṣẹlẹ̀. Ẹ fi rìsíìtì G08 ránṣẹ́ sí mi, kí n lè san tèmi padà fún yín.