Ìwé Ìkíni-káàbọ̀ àti Ètò Ọ̀sẹ̀ Àkọ́kọ́ fún Bùkọ́lá, Akọ̀wé Ọjà Wa Tuntun

Bùkọ́lá,

Káàbọ̀ o. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, la ń retí rẹ nílé iṣẹ́ gàrí wa ní ojú títì Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú-Òde. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì rẹ àti bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀ nìkan ni kí o mú wá. Bí òjò bá rọ̀, ẹ̀yìnkùlé ni kí o gbà wọlé, omi máa ń dí iwájú.

Àwa mẹ́rin la wà nílẹ̀. Ìyá Àgbà ló ń yẹ gàrí wò, tí wọ́n sì ń jọ̀ ọ́. Bọ̀dá Onísikéèlì ló ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń lẹ ẹnu ọ̀rá. Bọ̀dá Awakọ̀ ló ń gbé ọjà lọ sí Ṣàgámù àti Èkó. Èmi ni mò ń bá oníbàárà dúnàádúrà. Ìwé ọjà, èyí tó wọlé àti èyí tó jáde, ni yóò wà lọ́wọ́ tìrẹ. Ṣùgbọ́n o ò ní kọ nǹkan kan sínú rẹ̀ títí di Ọjọ́bọ̀: ẹni tí kò tíì rí bí àpò ṣe ń di báàgì kò lè mọ̀ nígbà tí iye inú ìwé bá ń parọ́.

Ọjọ́ Ajé. Ìwé àdéhùn rẹ máa wà lórí tábìlì. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún agbanisíṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta láti fún òṣìṣẹ́ níwèé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni tiwa. Kà á tán kí o tó fọwọ́ sí i, kí o sì bi mí ní ohun tí kò bá yé ọ. Ìyá Àgbà á fún ọ ní fìlà àti épírọ́ọ̀nù, wọ́n á mú ọ yí ilé ká. Òrùka àti èékánná àlẹ̀mọ́ kì í wọ yàrá gàrí. Aago méjì ọ̀sán, máa lọ sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Onísikéèlì lo máa wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Gbé ọ̀rá òfìfo lé sikéèlì, tẹ̀ ẹ́ padà sí òdo, kí o tó bu gàrí sí i. Bí o bá gbàgbé, oníbàárà ló ń ra ọ̀rá ní iye gàrí. Ẹ̀rọ tí a fi ń lẹ ẹnu ọ̀rá ń fẹ́ ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá kó gbóná. Tí kò bá gbóná tó, ẹnu ọ̀rá á là lọ́nà Èkó. Tó bá gbóná jù, á jó ihò sí i. Lẹ báàgì kan, fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́: bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ, tún un lẹ̀. Má ṣe di gàrí tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ o. Ó máa ń làágùn nínú ọ̀rá, á sì hu. Bí iná bá lọ lójijì, da gàrí inú ọ̀rá tí a kò tíì lẹ̀ padà sínú ike oníderí, má fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn.

Ọjọ́rú. Àpò ń wọlé láti Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè. Wo Ìyá Àgbà nìkan: wọ́n á fún ẹ̀kúnwọ́ kan, bí ó bá dì mọ́ra, kò gbẹ, wọ́n á tọ́ ọ wò bóyá ó kan tó, torí kíkan náà ni àwọn èèyàn ń wá nínú gàrí Ìjẹ̀bú. Àpò 50 kílò kì í fún wa ní báàgì oníkílò kan 50. Lẹ́yìn jíjọ̀, 47 tàbí 48 ló sábà ń kù. Bí ìwé bá sọ pé 50, ẹnì kan kò kà á.

Ọjọ́bọ̀. Ìwé ọjà àti fóònù. Fún ọjà kọ̀ọ̀kan, kọ orúkọ, ibi tó ń lọ, iye báàgì, ìwọ̀n, ọjọ́, àti bóyá wọ́n ti sanwó. Kà á padà sétí oníbàárà kí o tó gbé fóònù sílẹ̀. Ibi tí àṣìṣe ti ń pọ̀ jù ni kóńgò. Oníbàárà á ní òun fẹ́ kóńgò mẹ́wàá, àwa ń tà ní kílò, kóńgò ọjà kan kò sì bá ti òmíràn mu. Má fojú díwọ̀n ọ́n. Bi wọ́n pé báàgì kílò kan, méjì tàbí márùn-ún, mélòó? Àpò tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde.

Ọjọ́ Ẹtì. O máa di báàgì 20 oníkílò kan fúnra rẹ, Bọ̀dá Onísikéèlì á tún wọn wọ̀n. Ìkókoré la máa ń jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ilé iṣẹ́ ló ń sanwó. Aago mẹ́ta àbọ̀, èmi pẹ̀lú rẹ á jókòó fún ààbọ̀ wákàtí: kí ló yé ọ, kí ni kò yé ọ, kí ni a ń ṣe tó dà bíi pé kò bọ́gbọ́n mu lójú rẹ? Dáhùn èyí tó kẹ́yìn yẹn láìtijú, ojú wa ti mọ́ ibẹ̀ jù.

Bí o bá ṣàṣìṣe, sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ìṣẹ́jú díẹ̀ la fi ń tú báàgì, odidi ọjọ́ la fi ń lọ gbà á padà ní Èkó. Bí ara rẹ kò bá yá, pè mí kó tó di aago méje àárọ̀. Ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, a kì í ṣílé, má wulẹ̀ béèrè.

Láti ọwọ́ alákòóso, pẹ̀lú gbogbo ilé