Ìbéèrè ìdánrawò àti ìdáhùn lórí bírékíà pílẹ́sọ́ọ̀sì, fún fáífà anátọ́mì

Inú súláìdì apá òkè ni mo ti fa ìwọ̀nyí yọ fún ẹgbẹ́ ìkàwé wa ní Ìdí-Àràbà. Ẹ máa dáhùn sókè, kí ahọ́n yín mọ̀ ọ́n kó tó di iwájú ọ̀gá.

Ìbéèrè: Níbo ni pílẹ́sọ́ọ̀sì yìí ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Láti ẹ̀ka iwájú nááfù ọ̀pá ẹ̀yìn C5 dé T1 ni, sà. Gbòǹgbò márààrún gba àárín sikalínọ́ọ̀sì àńtíríọ̀ àti sikalínọ́ọ̀sì mídíọ́ọ̀sì jáde lọ́rùn.

Ẹ ṣọ́ra o: ẹ̀ka iwájú, kì í ṣe gbòǹgbò iwájú. Ìyẹn ṣì wà nínú egungun ẹ̀yìn.

Ìbéèrè: Tọ̀ ọ́ dé abíyá.

Ìdáhùn: C5 àti C6 para pọ̀ di ìtì òkè, C7 nìkan ni ìtì àárín, C8 àti T1 di ìtì ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn kíláfíkù, ìtì kọ̀ọ̀kan pín sí iwájú àti ẹ̀yìn. Ìpín ẹ̀yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di okùn ẹ̀yìn. Ìpín iwájú ìtì òkè àti ti àárín di okùn ìta. Ti ìtì ìsàlẹ̀ dá wà, òun ni okùn inú. Ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan wà lára apá kejì átárì abíyá, lẹ́yìn pẹ́kítórálíìsì máínọ̀, ló fún un lórúkọ.

Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ yà á, ẹ kọ́kọ́ ya M: mọ́síkúlókuténíọ́ọ̀sì, mídíànì, ọ́lúnà. Ìyókù á wá fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè: Nááfù wo ló parí okùn ẹ̀yìn?

Ìdáhùn: Ásílárì àti rédíà.

Ìbéèrè: Ọlọ́kadà kan ṣubú ní Agége, ó fi èjìká lélẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì tẹ̀ sódìkejì. Kí lo máa rí?

Ìdáhùn: Ìtì òkè ló fara pa, sà: àrùn Ẹ́ẹ̀bù. Apá á rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, á yí sínú, ìgbọ̀nwọ́ á nà gbọọrọ, àtẹ́lẹwọ́ á sì kọjú sẹ́yìn. Dẹ́tọ́ìdì, súpírásipainétọ́ọ̀sì àti báísẹ́ẹ̀pù ti rẹ̀ ẹ́. Ó máa ń ṣe ọmọ tuntun tí èjìká rẹ̀ há nígbà ìbí náà.

(Súláìdì ní ọwọ́ wéítà tó ń gba owó. Lójú ará Èkó, ọwọ́ ọlọ́pàá tó ń gba ẹ̀gúnjẹ lẹ́yìn ni. Ẹ má sọ ìyẹn fún ọ̀gá.)

Ìbéèrè: Kọ̀ńdọ́tọ̀ já bọ́ lẹ́nu danfó ní Ojúẹlẹ́gba, ó rọ̀ mọ́ irin, apá rẹ̀ fà sókè ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìtì ìsàlẹ̀, àrùn Kúlúmúkè. Iṣan kéékèèké inú ọwọ́ kò ní ṣiṣẹ́, ìka á ká kò bí èékánná ẹyẹ. Màá wo ojú rẹ̀ náà, sà: bí T1 bá já nítòsí ọ̀pá ẹ̀yìn, ìpéǹpéjú ẹ̀gbẹ́ yẹn á wálẹ̀, ọmọlójú á kéré, ojú ibẹ̀ kò sì ní làágùn. Àmì Họ́nà nìyẹn.

Ìbéèrè: Aláìsàn ti ògiri, sikápúlà rẹ̀ yọ sóde?

Ìdáhùn: Nááfù lọ́ńgì torásíìkì, C5 dé C7, sẹrétọ́ọ̀sì àńtíríọ̀ kò ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Hiúmérọ́ọ̀sì dá láàárín, ọrùn ọwọ́ sì rọ̀?

Ìdáhùn: Rédíà ni, sà.