Ẹ Ya Iwájú Rẹ̀ Fún Mi

Owó tí Kúnlé ń tọ́jú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, fẹ́rẹ̀ẹ́ yìí gan-an ló sì fẹ́ kó bá a. Ká ní ó ṣì ku púpọ̀ ni, kò ní máa wo ìpolówó ọjà lóru. Ká ní ó ti pé ni, ì bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù lọ rà á tààrà.

Abọ́ ló ń fọ̀ lálẹ́ nílé oúnjẹ kan. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ kí owó ọkọ̀ lè wọlé sínú àkáǹtì. Ó ti ta ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ àtijọ́, ìyẹn sì dun àbúrò rẹ̀, Dèjì, ju bó ṣe dun òun fúnra rẹ̀ lọ. PS5 Slim ni wọ́n jọ ń retí, èyí tó ń lo díìsì, nítorí díìsì géèmù kún ọwọ́ àwọn ọ̀rẹ́ wọn, yíyá ni wọn ó sì máa yá a.

Ìpolówó náà yọ lójú fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan tó ti ibi iṣẹ́ dé: "PS5 Slim, 1TB, tuntun nínú páálí, kọ́ńtírólà méjì." Iye tí wọ́n kọ sí i fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá gbọ́n nínú iṣẹ́ gbájúẹ̀ kì í dá owó ọjà sí ìdajì, torí ìdajì ń múni fura. Èyí tó máa jẹ́ kí ènìyàn sọ pé "orí mi sunwọ̀n lónìí" ló máa ń kọ.

"Ẹ káalẹ́ o. Ṣé ọjà yìí ṣì wà?"

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí èsì fi dé. "Ó wà, ọ̀gá mi. Ẹ̀bùn ni wọ́n fún mi, mo sì ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ló ń bi mí báyìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó ló ni ín."

"Ṣé mo lè wá wò ó?"

"Mo wà lẹ́nu ìrìn àjò. Àbúrò mi ló máa fi ránṣẹ́. Ẹ san ìdajì báyìí, kí ẹ san ìyókù tó bá dé ọwọ́ yín. Ẹ ò rí i pé mo fọkàn tán yín?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Ẹni tó fẹ́ gbowó ló ń sọ pé òun fọkàn tán ẹni tó fẹ́ sanwó. Kúnlé kò rí ìyẹn. Ohun tó rí ni pé ìdajì kò pọ̀ jù, àti pé ẹni méjì ti ń bi í.

Orí ìkànnì tí wọ́n ti pàdé, ìkànnì ló máa ń di owó oníbàárà mú títí ọjà yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀, pé wọ́n máa ń yọ owó tiwọn lórí ọjà, pé kí Kúnlé fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun tààrà. Orúkọ tó wà lára àkáǹtì kì í ṣe orúkọ tó ń jẹ́ lórí ìkànnì. Ó ní ti ìyàwó òun ni. Kúnlé tẹ nọ́ńbà àkáǹtì náà, ó tẹ iye owó. Ó ku kó tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀.

"Bọ̀dá, Slim kọ́ nìyẹn."

Dèjì ló dúró sẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó yẹ kó ti sùn tipẹ́.

"Ta ló jí ọ? Lọ sùn."

"Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ná. Slim máa ń ní ìlà kan tó gé ìbòrí rẹ̀ sí méjì. Èyí kò ní ìlà kankan. Ti àkọ́kọ́ nìyí."

Òótọ́ lọmọ náà sọ. PS5 tó jáde lọ́dún 2020, ìbòrí ńlá kan ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Slim tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2023 ni wọ́n pín ìbòrí tirẹ̀ sí mẹ́rin, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Ọmọ tí kò ní ẹ̀rọ kankan nílé ló ti wo fọ́tò rẹ̀ títí tó fi mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ìyá rẹ̀.

Kúnlé kọ́kọ́ fẹ́ gbèjà ọkùnrin náà. Ó ní bóyá ó kàn mú fọ́tò tí kò yẹ ni. Dèjì ní kó bèèrè iwájú rẹ̀ nígbà náà: ihò USB méjì ló wà níwájú Slim, kékeré sì ni méjèèjì, nígbà tí ti àkọ́kọ́ ní ọ̀kan tó fẹ̀ àti ọ̀kan tó kéré.

Kúnlé kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya iwájú rẹ̀. Kí ẹ kọ orúkọ mi sórí bébà, kí ẹ fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ẹni tó ti ń yára fèsì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wá dákẹ́. Nígbà tó padà dé, ìbínú ló bá dé. "Ṣé o rò pé olè ni mí? Ẹni kan ti fẹ́ sanwó báyìí." "Ọ̀gá mi" ti di "ìwọ". Kúnlé kò fèsì. Kò pẹ́, ìbínú rọ̀: "Ó dáa, màá tún yọ díẹ̀ fún yín, tí ẹ bá san án báyìí." Kúnlé tún ọ̀rọ̀ kan náà kọ: ẹ ya iwájú rẹ̀ fún mi.

Fọ́tò dé. Bébà funfun kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Kúnlé, àmọ́ òjìji ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì, bébà kò ní òjìji rárá. Dèjì fi ìka fẹ ojú fọ́tò náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ihò kan fẹ̀, ìkejì kéré.

Wọ́n fi fọ́tò àkọ́kọ́ wá irú rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó wà lójú ewé mìíràn, lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, wọ́n sì ti gbé e síbẹ̀ tipẹ́. Kúnlé pa ojú ewé báńkì dé, ó fi ẹjọ́ ìpolówó náà sun àwọn alábòójútó ìkànnì. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fọ́tò kan náà tún yọ lábẹ́ orúkọ tuntun. Ó tún fi sùn. Dèjì fẹ́ kọ̀wé èébú sí i, Kúnlé kò gbà, kì í ṣe nítorí ìwà rere o: kò fẹ́ kí ẹni yẹn mọ ohun tó tú u fó, kó má baà lọ tún fọ́tò rẹ̀ ṣe.

Owó pé díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà. Obìnrin kan ló padà ta Slim àlòkù fún wọn, tọmọ rẹ̀ ni, ọmọ náà sì ti rìnrìn àjò. Ó ní kí wọ́n wá sí ibi iṣẹ́ òun lọ́sàn-án, níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà. Kúnlé so ẹ̀rọ náà mọ́ ọn, ó wọ àkáǹtì géèmù tirẹ̀ lórí rẹ̀ láti mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò fòfin dè é, ó sì ti díìsì tí wọ́n yá wá bọ inú rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́.

Ó ti ń mú fóònù jáde láti sanwó nígbà tí Dèjì dá a dúró. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà.

"Méjì. Kékeré ni méjèèjì. Bọ̀dá, ẹ lè sanwó." Ó yíjú sí obìnrin náà. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, kọ́ńtírólà kejì ńkọ́?"