Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Gbà Á: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́jáde

Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ ti Múṣin, Ṣómólú, Sùúrùlérè àti Èbúté-Mẹ́ta wá, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ tí a torí yín péjọ, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìforítì. Mo ń gbóòórùn ìrẹsì láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, nítorí náà mi ò ní pẹ́.

Òtítọ́ inú ni wọ́n ní kí n bá yín sọ. Ẹ ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí, ìyá yín sì ti fi kọrin fún yín láti kékeré. Ohun tí àwa àgbà kì í sábà sọ ni bí ọ̀nà ẹ̀bùrú ṣe máa ń dé. Kò sẹ́ni tó máa pè yín pé "wá ká jọ jalè." Ọ̀gá tí ẹ bọ̀wọ̀ fún ni yóò fẹ̀rín sí i, ní ìrọ̀lẹ́ tó ti rẹ gbogbo yín: "Ṣáà gbé e síbẹ̀, ta ló fẹ́ wò ó?"

Ẹ̀yin ẹ̀ka ìkọ́lé ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kọjú sí, torí ẹ̀yin lẹ lè pa èèyàn jù. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta-Fàájì ní Erékùṣù Èkó, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, àwọn tó kú sì lé ní 40. Mi ò wá dá ẹjọ́ ilé méjèèjì níbí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ilé bá máa wó, kò dúró di ọjọ́ tó wó kó tó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí irin. Ọ̀pá irin 12 mm tó gùn ní mítà 12 gbọ́dọ̀ wọ̀n tó kílò 10 àti díẹ̀, ó sún mọ́ 10.7. Tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹyọ 94. Bí wọ́n bá já irin sílẹ̀ fún yín tí ẹyọ kan wọ̀n kílò 8, ẹni tó pè é ní 12 ti rẹ́ yín jẹ, òpó tí ẹ sì fẹ́ fi gbé dẹ́kì kò ní gbé e bí ẹnjiníà ṣe ṣírò rẹ̀. Òṣùwọ̀n kò gbowó pọ̀. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n, pàápàá tí irin bá ti dípẹtà.

Kọnkéré ńkọ́? Bí plánù bá ní 1:2:4, àpò símẹ́ńtì kan, tó jẹ́ páànù méjì, páànù yanrìn mẹ́rin, páànù òkúta mẹ́jọ ni. Kì í ṣe páànù yanrìn mẹ́fà "torí símẹ́ńtì ti wọ́n." Omi sì lọ̀tá tí ẹnikẹ́ni kì í fura sí. Lébìrà á bu omi kún un kó lè rọrùn fún un láti rò. Omi tó pọ̀ jù yẹn á gbẹ lọ, á fi ihò tíntìntín sílẹ̀ nínú kọnkéré, agbára rẹ̀ á sì dínkù. Ìgbà tó bá ti le tán ló tó nílò omi: ẹ fi omi rin ín fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Ọjọ́ 28 la máa ń wọn agbára rẹ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ ìdí tí wọ́n fi máa ń kánjú yọ igi abẹ́ dẹ́kì: igi àyálò ni, owó rẹ̀ ń gorí owó, ẹlòmíì sì ti ń dúró dè é. Àpò símẹ́ńtì kan á fún yín ní búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì-mẹ́sàn-án bíi 25 sí 30. Ẹni tó bá ń yọ 45, ẹ fi ọwọ́ fọ́ ọ̀kan wò lójú rẹ̀.

Ẹ̀ka iná, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ti kàn yín. Wáyà 1.5 ni ti gílóòbù, 2.5 ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fi 1.5 ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì rí èrè díẹ̀ jẹ lórí ilé kan. Onílé á wá ki áyọ́ọ̀nù àti kẹ́túlù bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà á gbóná nínú ògiri níbi tí ojú kò tó. Bí bíréékà bá wá ń já lemọ́lemọ́, oníṣẹ́ burúkú á yọ 20 kúrò, á fi 32 rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, wáyà ni yóò jóná kí bíréékà tó já. Ẹ fi kálípà wọn bàbà inú rẹ̀: 2.5 tó jẹ́ ẹyọ kan máa ń sún mọ́ 1.8 mm ní ìbú. Ẹ fi abẹ ha á. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú ni. Wọ́n á tún bẹ̀ yín kí ẹ fo mítà. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú onílé, orúkọ yín ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ dá àjẹkù léèsì padà fún olówó rẹ̀. Ó parí.

Èyí tó kù kan gbogbo yín. Ọ̀rẹ́ kan á ní kí ẹ yá òun ní àkáǹtì, owó kan fẹ́ wọlé, ẹ ó sì rí ìdá mẹ́wàá níbẹ̀. Owó gbájúẹ̀ ló máa ń jẹ́. Báńkì á ti àkáǹtì yẹn pa, BVN sì so gbogbo àkáǹtì yín pọ̀, owó iṣẹ́ òógùn yín á há síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Lábẹ́ òfin ọdún 2006 lórí gbájúẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méje sí ogún ni, kò sí àyè owó ìtanràn. Ọ̀rẹ́ tó yá àkáǹtì ti sá lọ. Orúkọ yín ló wà lórí àkáǹtì. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora.

Mi ò ní tàn yín. Ẹni tó ń gba ẹ̀bùrú lè ra mọ́tò ṣáájú yín. Ọ̀gá sì lè lé yín torí pé ẹ kọ̀. Nítorí náà, láti ara owó iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ máa tọ́jú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ oṣù kan, torí ebi ló máa ń mú ọmọlúàbí sọ "ó dáa, sà." Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ̀, ẹ má bá àgbà jà. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ wí pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irin 16 ló wà nínú plánù, 12 lèyí. Ẹ jẹ́ ká pe ẹnjiníà ká tó da kọnkéré." Ẹ ya fọ́tò irin náà, ẹ kọ ọjọ́ sí i nínú ìwé iṣẹ́, ẹ gba rìsíìtì gbogbo ohun tí ẹ bá rà. Bí wọ́n bá ṣì ní kí ẹ dà á, ẹ kó irinṣẹ́ yín, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ máa lọ.

Ẹ̀bùn yín wà lórí tábìlì lọ́wọ́ òsì: òṣùwọ̀n àfikọ́ fún ẹ̀ka ìkọ́lé, kálípà fún ẹ̀ka iná, sísọ́ọ̀sì fún aránṣọ. Ẹ fọwọ́ síwèé kí ẹ tó gbà á, kí ẹnì kan má gba méjì. Ẹ ṣeun.