Kábínẹ́ẹ̀tì Ààbò àti Ọwọ́ Mímọ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun ní Ilé Àyẹ̀wò

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ sì kú oríire àtiwọṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó fọwọ́ kan nǹkan kan lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹ̀rọ ńlá tó wà lẹ́yìn mi yìí, tí a ń pè ní kábínẹ́ẹ̀tì ààbò, lẹ́yìn náà kí ẹ wo ọwọ́ ara yín méjèèjì. Nǹkan méjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé, nítorí pé ohun tí kábínẹ́ẹ̀tì bá ká mọ́lé, ọwọ́ lè tú u sílẹ̀.

Nígbà tí a bá ń fi pípẹ́ẹ̀tì fa omi, tí a bá ń mi ìgò, tàbí tí a bá ṣí ìdérí ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú sẹ́ńtífúùjì, ẹ̀rọ tó ń fi ìgò pòòyì kíákíá, díẹ̀ nínú omi náà máa ń fọ́n ká ní ẹ̀kán tín-ín-tín tí ojú kò lè rí, tí kòkòrò àrùn sì lè wà nínú rẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn kì í tètè balẹ̀. Ó máa ń léfòó nínú afẹ́fẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹni tó wà nítòsí á sì fà á símú láìfura. Nítorí èyí ni a ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú kábínẹ́ẹ̀tì, tí a kì í ṣe é lórí tábìlì gbangba.

Ti Ipele Kejì ni kábínẹ́ẹ̀tì wa. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ń wọlé láti iwájú rẹ̀, ó sì ń gba inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà létí iwájú yìí lọ sísàlẹ̀, èyí ni kì í jẹ́ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde wá bá ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ mìíràn tí a ti sẹ́ ń rọra sọ̀ kalẹ̀ láti òkè sórí iṣẹ́, ó ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kòkòrò ara wa, nígbà tí èyí tó ń jáde kúrò nínú ẹ̀rọ ń kọ́kọ́ gba inú asẹ́ tí a ń pè ní hẹ́pà. Asẹ́ yìí ń mú ó kéré tán 99.97 nínú 100 èérún tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.3 máíkírómítà, ìwọ̀n yìí ló sì ṣòro jù fún un láti mú. Ṣùgbọ́n kì í mú òórùn tàbí gáàsì kẹ́míkà, nítorí náà, ẹ má ṣe gbé kẹ́míkà tó ń tú gáàsì olóró wọ ibẹ̀ láìbéèrè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù ni pé aṣọ ìkélé tí afẹ́fẹ́ ta síwájú yìí kò nípọn. Nǹkan bí 0.5 mítà ni afẹ́fẹ́ náà ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹni tó bá rọra ń rìn kọjá sì ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn tí a ṣí gbàù, fáànù, ẹni tó ń sáré kọjá lẹ́yìn yín, àti apá tí ẹ jù sọ́tùn-ún sósì, gbogbo wọn ló lè ya á.

Èmi náà ti ya á rí. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ mi lé orí àwọn ihò iwájú, torí pé ibẹ̀ ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, ìlàjì àwọn àwo tí a fi ń mú kòkòrò dàgbà tí mo fi sílẹ̀ ti hu èbu. Inú mi bàjẹ́ nítorí iṣẹ́ tó ṣòfò, ṣùgbọ́n àyà mi já gan-an nígbà tí ọ̀gá mi sọ pé ọ̀nà tí èbu gbà wọlé ni kòkòrò ìbá gbà jáde wá bá mi.

Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ náà bóyá àyẹ̀wò ọdọọdún rẹ̀ kò tíì kọjá àsìkò. Ẹ gbé gíláàsì iwájú dé ibi tí a sàmì sí gan-an, kí ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ fi ẹtanọ́lù 70 nínú 100 nu inú rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé èyí tí a kò bomi là ló dára jù, torí omi inú rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kó pa kòkòrò, kì í sì jẹ́ kó tètè gbẹ. Bí ó bá jẹ́ oògùn kúlórìn-ín lẹ fi nù ún, ẹ tún fi omi mímọ́ nù ún tẹ̀lé e, kí irin má bàa dípẹtà.

Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ máa lò wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, títí kan àpò ìdọ̀tí, kí ọwọ́ yín má baà máa wọlé jáde. Ẹ na apá wọlé tààrà, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan kí afẹ́fẹ́ lè rọlẹ̀, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ ní ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 10 sínú, láti apá ohun mímọ́ lọ sí apá ohun tó ti dọ̀tí. A kì í tan iná Búńsẹ̀n níbẹ̀, nítorí ooru rẹ̀ ń da ọ̀nà afẹ́fẹ́ rú, ó sì lè ba asẹ́ jẹ́. Bí nǹkan bá dà sílẹ̀, ẹ má ṣe pa ẹ̀rọ. Ẹ fi bébà ìnuwọ́ bò ó, ẹ da oògùn apakòkòrò sí i láti etí wá sí àárín, kí ẹ sì pè mí.

Ó wá ku ọwọ́. Ní ọdún 1847, dókítà Ignaz Semmelweis ṣàkíyèsí ní ìlú Fìẹ́nà pé àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ibi tí wọ́n ti ń la òkú bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí, àwọn ìyá ọlọ́mọ sì ń kú. Ó ní kí wọ́n máa fi omi oníkúlórìn-ín fọ ọwọ́, ikú náà sì dín kù gidigidi. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiyín wà lára àwọn tó ń gbé ikú náà kiri, wọn kò sì mọ̀.

Ìbọ̀wọ́ kò gba ipò ọṣẹ. Ó lè ní ihò tí ojú kò rí, ọwọ́ sì lè dọ̀tí nígbà tí a bá ń bọ́ ọ. A máa ń wọ méjì: ti òde ni kí ẹ bọ́ sínú àpò ìdọ̀tí tó wà nínú kábínẹ́ẹ̀tì kí ọwọ́ yín tó jáde. Ẹ di ìbọ̀wọ́ kìíní mú níbi ọrùn ọwọ́, ẹ yí i padà bí ẹ ti ń fà á, kí ẹ sì ti ìka tó ti mọ́ bọ abẹ́ èkejì. Ẹni tó fi ìbọ̀wọ́ gbé fóònù tàbí tó fi ṣílẹ̀kùn ti kó ewu fún ẹlòmíràn tí kò wọ nǹkan kan.

Ẹ bọ́ òrùka sílé, ẹ gé èékánná, ẹ sì fi báńdéèjì tí omi kò lè gbà kọjá bo ọgbẹ́. Fífi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ gba ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60: àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, orí ìka, àti àtàǹpàkò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Bébà tí ẹ fi nu ọwọ́ ni kí ẹ fi ti ẹ̀rọ omi pa. Oògùn ọlọ́tí ìfipawọ́ ń gba ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ọwọ́ tó dọ̀tí, kì í sì í pa irú kòkòrò tó ń sọ ara rẹ̀ di hóró líle. Nítorí náà, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ lò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jáde kúrò nínú yàrá yìí, kódà bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré lẹ máa lò níta.

Ẹ pín ara yín sí méjì-méjì. Omi aláró nìkan lẹ máa lò lónìí. Bí ẹ bá ti bọ́ ìbọ̀wọ́ tán, ẹ wá fi ọwọ́ yín hàn mí, ẹni tí àró bá sì wà lára awọ rẹ̀ yóò tún un ṣe títí a kò fi ní rí àró kankan mọ́.